Ohun Tó Ń Jó Nínú Bọ́tà, Àti Ìgbà Tó Yẹ Ká Sọ̀ ọ́ Kalẹ̀

Bí bọ́tà bá jó nínú páànù, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀rá rẹ̀ ló jó. Kì í ṣe ọ̀rá rárá. Bí a bá yọ ọ̀rá bọ́tà sọ́tọ̀ kó mọ́ gaara, ó lè gba ooru tó ju 200°C lọ kó tó máa rú èéfín. Ohun tó ń dúdú nísàlẹ̀ páànù ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wàrà, ìyẹn ìwọ̀nba èròjà wàrà tí kì í ṣe ọ̀rá, tí kì í sì í ṣe omi, tó ṣẹ́ kù sínú bọ́tà nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí kan náà ló ń fún bọ́tà tó pọ́n ní òórùn àti adùn tí àwọn alásè Faransé fi ń ṣe kéèkì kéékèèké wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí à ń wá gan-an ló ń bà á jẹ́, ìgbà tó sì wà láàárín kó pọ́n àti kó jó kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú bọ́tà oní-gíráàmù 250 kan tí kò ní iyọ̀. Nǹkan bíi gíráàmù 205 nínú rẹ̀ ni ọ̀rá, nǹkan bíi 40 ni omi, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wàrà kò sì ju gíráàmù mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ẹ ò lè fi ojú rí i nígbà tí bọ́tà ṣì dì. Purotéènì wàrà àti ṣúgà wàrà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi 120°C tí omi kò sì sí níbẹ̀ mọ́, purotéènì àti ṣúgà yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í para pọ̀, wọ́n á di oríṣiríṣi èròjà tuntun tó ní àwọ̀ tó sì ní òórùn. Louis-Camille Maillard, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ìyípadà yìí ní 1912. Òun ló ń mú kí èèpo búrẹ́dì pọ́n, òun ló sì ń mú kí súyà máa ta sánsán. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ń gòkè sí i, àwọn èròjà aládùn yẹn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ohun tó máa kù kò ju èédú lọ, ó sì máa ń korò.

Kí ló dé tí kì í jó lójú ẹsẹ̀? Omi inú bọ́tà ni kì í jẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì ń hó níbẹ̀, bó ti wù kí iná pọ̀ tó, bọ́tà náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ kọjá 100°C, nítorí pé omi tó ń gbẹ ló ń gbé ooru náà lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá mọ ìgbà tí omi tán, ẹ ti mọ iṣẹ́ yìí nìyẹn. Etí lẹ ó sì fi mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i.

Ẹ gbé ìkòkò kékeré tí inú rẹ̀ funfun kaná. Páànù dúdú tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ kò dára fún èyí, ẹ ò ní rí àwọ̀ nínú rẹ̀ títí yóò fi bọ́ sórí. Ẹ gé bọ́tà sí wẹ́wẹ́ kó lè yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí iná má pọ̀, kó má sì kéré jù. Lẹ́yìn tó bá yọ́ tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, á máa ta, á máa pariwo, hóhò ńláńlá á sì máa là lójú rẹ̀. Omi ló ń lọ yẹn. Fún bọ́tà gíráàmù 250, ariwo yìí lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ewu kankan níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń dúró tì í lásìkò yìí bí ẹni tó ń ṣọ́ olè, bí ariwo bá wá dákẹ́ tán, wọ́n á yíjú lọ gbọn ìyẹ̀fun. Ìgbà tó dákẹ́ yẹn ló yẹ kí wọ́n dúró.

Ìdí ni pé ìdákẹ́jẹ́ náà ló ń sọ pé omi ti tán. Láti 100°C dé 150°C lè má ju ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lọ lórí iná kan náà tí ẹ ti gbé e kà tẹ́lẹ̀. Hóhò ńláńlá á lọ, ìfófó wẹ́wẹ́ á gòkè bo ojú rẹ̀, ẹ ò sì ní rí ìsàlẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rì sí, ibẹ̀ ló sì súnmọ́ iná jù. Ẹ dín iná kù, ẹ fi ṣíbí onígi máa ha ìsàlẹ̀ láìdáwọ́ dúró, kí ẹ sì máa fi ṣíbí náà ti ìfófó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ lè rí àwọ̀. Ní nǹkan bíi 130°C, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á ṣì rí bíi yánrìn funfun tó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Láàárín 140 sí 150°C, á pọ́n dáadáa, òórùn á sì yí padà, kò ní jẹ́ òórùn wàrà mọ́, òórùn ẹ̀pà yíyan ni imú yín á gbọ́. Bí ẹ bá fi máa rí 160°C, ó ti ń lọ sí pupa dúdú, ó ṣì ṣeé lò fún ọbẹ̀ tí a ó da sórí ẹja, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ṣe kéèkì. Nígbà tó bá fi tó 175°C, èéfín ti ń yọ, òórùn rẹ̀ á sì máa ta imú.

Mo máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ ní 145°C, kì í ṣe 150, nítorí ìkòkò náà ṣì gbóná, á ṣì máa sè é lọ lẹ́yìn tí iná bá ti kú. Ẹ má fi í sílẹ̀ sínú ìkòkò yẹn. Ẹ dà á sínú abọ́ tútù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì ha gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, nítorí òun ni adùn. Bí ẹ bá ń lo tẹmómítà, ẹ dojú ìkòkò kọ ẹ̀gbẹ́ kan kí ọ̀rá lè jìn díẹ̀, kí orí irin rẹ̀ wà láàárín ọ̀rá, kó má kan ìsàlẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tọ́ka sí nǹkan látòkèèrè á tàn yín jẹ, ìfófó ojú rẹ̀ ló máa wọ̀n.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bó bá ti jó? Ẹ kán díẹ̀ sórí àwo funfun. Bí èérún inú rẹ̀ bá pupa, ó dára. Bí ó bá dúdú, ẹ tọ́ ọ wò; bí ó bá korò, ó ti jó nìyẹn. Àwọn kan máa ń sẹ́ ẹ kí wọ́n lè lo ọ̀rá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkorò náà ti wọ inú ọ̀rá, asẹ́ kò lè mú un kúrò. Ẹ dà á nù.

Ẹ wá jẹ́ ká fi ṣe kéèkì, nítorí ibẹ̀ ni ìṣirò ti máa ń dàrú. Ká ní ìlànà yín béèrè bọ́tà gíráàmù 250, ṣúgà 250, ìyẹ̀fun 250, àti ẹyin márùn-ún. Bí ẹ bá wọn bọ́tà yín lẹ́yìn tó pọ́n, ẹ ó bá nǹkan bíi gíráàmù 205 sí 210. Ẹ̀rù má bà yín, kò sẹ́ni tó jí ìyókù, omi ló lọ. Àwọn kan á wá fi bọ́tà mìíràn kún un kó lè pé 250. Kéèkì wọn á lọ́ràá jù, á sì wúwo, nítorí ọ̀rá nìkan ni wọ́n fi dípò omi. Omi ni kẹ́ ẹ dá padà: ẹ fi mílíìkì tútù tàbí omi gíráàmù 40, tó tó ṣíbí ìjẹun méjì àti ààbọ̀, sínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń da ẹyin sí i.

Bọ́tà tó ṣì ń ṣàn kò ṣeé fi po ṣúgà títí yóò fi fúyẹ́, kò lè di afẹ́fẹ́ mú. Ó gbọ́dọ̀ dì padà dé bí òrí tí a fẹ́ fi para, ìyẹn nǹkan bíi 20°C. Nínú ilé ìdáná wa tó sábà máa ń gbóná tó 30°C, kò ní dì fúnra rẹ̀ láéláé. Inú fìríìjì ló ń lọ, kẹ́ ẹ sì máa rò ó láti ìgbà dé ìgbà kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má lọ dì sísàlẹ̀ abọ́ nìkan.

Oníbàárà kan bi mí rí pé, “Àǹtí, ṣebí inú ófùnù náà gbóná, ṣé bọ́tà kò ní pọ́n fúnra rẹ̀ níbẹ̀ ni?” Kò ní pọ́n. Ófùnù lè wà ní 170°C, àmọ́ inú kéèkì kì í kọjá 100°C nítorí omi tó wà nínú rẹ̀. Èèpo rẹ̀ nìkan ló ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, adùn tí ẹ ò bá dá sílẹ̀ nínú ìkòkò kò ní sí nínú kéèkì. Ìdí yìí kan náà ni bọ́tà tó ti pọ́n kò fi ní jó síwájú sí i nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí adùn náà pọ̀ sí i, mílíìkì oníyẹ̀fun wà nílé. Ẹ da ṣíbí ìjẹun méjì sínú bọ́tà gíráàmù 250 nígbà tí ariwo bá ti ń dínkù, kí iná wà nísàlẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ sì máa rò ó. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wàrà lẹ fi kún un yẹn, ó sì máa ń yára pọ́n. Kó jẹ́ mílíìkì màlúù gidi, kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí èyí tí wọ́n fi ọ̀rá ewébẹ̀ lú pọ̀ lọ́jà.

Máájáríìnì ń kọ́? Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní bọ́tà láti kékeré nìyẹn, òróró ewébẹ̀ àti omi ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó lè hó, ó lè ta, kódà ó lè jó, ṣùgbọ́n bí kò bá sí wàrà nínú rẹ̀, kò sí ohun tó máa pọ́n.

Ohun tó kàn ni dídín nǹkan. Wọ́n máa ń ní kí a da òróró díẹ̀ mọ́ bọ́tà kó má bàa jó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òróró kò yí ìwọ̀n ooru tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń jó padà, ó kàn mú kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà kéré sí i nínú páànù ni. Bí páànù bá tó 180°C, á jó síbẹ̀. Bí ẹ bá ń dín ẹja, ẹ fi òróró nìkan dín in títí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi pọ́n, kẹ́ ẹ dín iná kù, kẹ́ ẹ wá ju bọ́tà ṣíbí kan sí i ní ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ máa fi ṣíbí bù ú dà sórí ẹja náà. Bí ó bá jẹ́ bọ́tà nìkan lẹ fẹ́ fi dín nǹkan lórí iná ńlá, ẹ yọ́ ọ lórí iná kékeré, ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ tán kó tó pọ́n, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ọ̀rá tó bá kù lẹ lè fi dín dòdò láìsí pé ohunkóhun dúdú nísàlẹ̀ páànù.