Kíkí ẹbí níbi ìkómọ, ìgbéyàwó àti òkú

Bí Yorùbá bá fẹ́ kí ẹbí, orúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń fi tẹ̀lé “ẹ kú”. Abiyamọ là ń kí pé “ẹ kú ewu ọmọ”, nítorí ewu ìrọbí tó là kọjá. Níbi ìkómọ, tó sábà máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹjọ, gbogbo ilé ló ń gba “ẹ kú ọwọ́ lómi”, torí ọwọ́ kì í kúrò nínú omi nílé ìkókó. Níbi ìgbéyàwó, “ẹ kú ìnáwó” kárí, wọ́n á sì gbàdúrà pé ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní, ìyẹn ni pé kó tètè rí ọmọ pọ̀n.

Ibi òkú ni ọ̀rọ̀ ti le, torí “ẹ kú ìnáwó” yìí kan náà lè dùn mọ́ ilé kan, kó sì gún ilé kejì lọ́kàn. Kí àlejò kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òkú àgbà ni tàbí ọ̀fọ̀. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ là ń wò. Ẹni ọdún 60 tó lọ́mọ, tó tún kọ́lé, ọ̀fọ̀ ló jẹ́ bí ìyá rẹ̀ bá ṣì wà láyé.

Ká sọ pé ìyá ẹni ọdún 85 ló kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń ṣe òkú rẹ̀. A lè sọ fún wọn pé: “Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ̀yìn màmá á dára. Ọmọ ni yóò sin ẹ̀yin náà.”

Bó bá jẹ́ ọkùnrin ẹni ọdún 42 ni, ìnáwó ò sí níbẹ̀. Opó rẹ̀ là ń kí pé “ẹ kú àráfẹ́rakù, Ọlọ́run á bá yín tọ́ àwọn ọmọ.” Ìyá rẹ̀ là ń sọ fún pé: “Ẹ kú ìrọ́jú, màmá. Ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ mọ́.” Ọ̀pọ̀ èèyàn á fi kún un pé “Ọlọ́run á dá èyí tó kù sí.” Àdúrà rere ni, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun nìkan ni ìyá náà bí, kò sí èyí tó kù. Ọgbẹ́ ni gbólóhùn náà máa dá sí i lára.

Bẹ́ẹ̀ náà ni “omi ló dànù, agbè ò fọ́”. Ìgbà tí ọmọ tuntun bá kú, tí ìyá rẹ̀ sì yè, ni wọ́n ń sọ ọ́, torí ìyá ni agbè. Bí ìyá bá bá ọmọ lọ, agbè ti fọ́ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ lè rọra bi aládùúgbò lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Bí kò bá rẹ́ni bi, “ẹ kú ìrọ́jú” nìkan ti tó. Kó wá jókòó ti ọlọ́fọ̀ fúngbà díẹ̀.