Eérú ni a fi ń mọ̀: ohun tí kọlọrímítà ń yí padà lára tẹlifíṣọ̀n àti ohun tí kò lè yí

Bí wọ́n bá tan tẹlifíṣọ̀n tuntun ní ṣọ́ọ̀bù, funfun rẹ̀ máa ń dà bíi ti aṣọ tí wọ́n rẹ ní búlúù. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí funfun tó ní búlúù nínú máa ń dà bí ẹni pé ó mọ́ ju ti alábàágbé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n irú funfun bẹ́ẹ̀ kọ́ ni àwọn tó tún àwọ̀ fíìmù ṣe ń wò nígbà iṣẹ́. Funfun tiwọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní D65, tó jọ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lábẹ́ ojú ọ̀run tí kùrukùru díẹ̀ bò. Lórí àtẹ àwọ̀ CIE 1931, ojú ibi tó wà ni x = 0.3127, y = 0.3290. Kalibíréṣọ̀n ni iṣẹ́ fífi kọlọrímítà, ẹ̀rọ tó ń wọn àwọ̀, dá tẹlifíṣọ̀n padà sójú ibẹ̀, kì í sì í ṣe lórí funfun nìkan, bí kò ṣe lórí gbogbo eérú tó wà láàárín funfun àti dúdú.

Eérú yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní iná mẹ́ta: pupa, àwọ̀ ewé, àti búlúù. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gba iye kan náà, eérú ló yẹ kó jáde, kó má fì sí ọ̀dọ̀ ìkankan nínú wọn. Àwọ̀ mìíràn lè fi àṣìṣe pamọ́: bí ewéko bá fi díẹ̀ yàtọ̀ sí bó ṣe yẹ, ta ni yóò mọ̀? Eérú kò ní ibi tó lè fi í pamọ́ sí. Àwọn iná mẹ́ta yìí kan náà ló sì ń para pọ̀ di awọ ara èèyàn, iyanrìn àti ojú ọ̀run, nítorí náà, bí eérú bá wọ́, gbogbo wọn á wọ́ tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ kì í fi fọwọ́ kan àwọ̀ kankan kó tó parí eérú.

Ohun méjì ni wọ́n ń wò lórí àtẹ̀gùn eérú. Èkíní ni pé kí ìpele kọ̀ọ̀kan, láti 10% dé 100%, jẹ́ eérú lásán. Èkejì ni ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kí ìpele náà gbé jáde, ìyẹn gámà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú nìyí: ìpele 50% kì í gbé ìdajì ìmọ́lẹ̀ jáde. Bí àfojúsùn bá jẹ́ gámà 2.2, nǹkan bíi 22% ìmọ́lẹ̀ funfun ló yẹ kó jáde níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 2.4, ó jẹ́ nǹkan bíi 19%. Wọ́n sábà máa ń mú 2.4 fún yàrá tó ṣókùnkùn, 2.2 fún yàrá tí iná wà nínú rẹ̀, torí iná yàrá máa ń gbé ibi dúdú inú àwòrán mì.

Kí wọ́n tó wọn ohunkóhun, tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ ti wà ní títàn fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbóná. Gbogbo ohun tó ń dá ṣe ìpinnu fúnra rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kú: sẹ́ńsọ̀ tó ń wo iná yàrá, ètò tó ń dín iná mànàmáná kù, àti kọ́ńtírásítì tó ń yí bí àwòrán ṣe ń yí. Ọ̀nà láti mọ̀ bóyá ọ̀kan ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ rọrùn: wọn eérú kan, dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, tún un wọ̀n. Bí nọ́ńbà méjèèjì kò bá bára mu, ẹni tó bá tẹ̀ síwájú ń lé òjìji ni. Lórí tẹlifíṣọ̀n OLED, àpótí kékeré tó gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ojú ìwòran ni wọ́n ń lò dípò kí eérú kún gbogbo ojú, torí ẹ̀rọ náà máa ń dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù bí ibi tó mọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù.

Kọlọrímítà fúnra rẹ̀ ò kúrò lábẹ́ ìfura. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ojú kéékèèké tí wọ́n fi gíláàsì aláwọ̀ bò, kí ó lè máa ríran bí ojú èèyàn. Ṣùgbọ́n gíláàsì yẹn kì í bá ojú èèyàn dọ́gba tán, àṣìṣe rẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ láti orí irú iná kan dé òmíràn: LED lásán ní tirẹ̀, OLED ní tirẹ̀. Nítorí náà, wọ́n ní láti yan àtúnṣe tó bá irú ojú ìwòran náà mu nínú sọ́fíwíà. Èyí tó dára jù ni kí wọ́n fi sípẹ́kítírómítà, ẹ̀rọ tó ń tú ìmọ́lẹ̀ palẹ̀ sí ẹyọ ẹyọ, wọn tẹlifíṣọ̀n yẹn gan-an, kí wọ́n wá fi èsì rẹ̀ tọ́ kọlọrímítà sọ́nà. Wọn ì bá kúkú lo sípẹ́kítírómítà nìkan, àmọ́ ó lọ́ra, kì í sì í ríran dáadáa nínú òkùnkùn. Bí wọ́n bá yan àtúnṣe tí kò bá ojú ìwòran mu, gbogbo nọ́ńbà á dára lórí kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ funfun á máa fì sí àwọ̀ ewé tàbí sí pupa. Bí nọ́ńbà bá ń yọ̀ tí ojú ń ṣàròyé, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n kan. Wọ́n ti fi í sí ètò fíìmù. Wọ́n wọn eérú 80%, wọ́n sì fi àwọ̀ ewé ṣe òṣùwọ̀n ní 100: pupa jẹ́ 93, búlúù jẹ́ 108. Funfun yẹn wà ní nǹkan bí 7,200 K dípò 6,500 K ti D65; K ni kelvin, bó bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni funfun ṣe ń fì sí búlúù. Àṣìṣe náà, tí wọ́n ń fi ΔE 2000 kà, tó bíi 4. Nínú ìṣirò yìí, ohun tó bá wà lábẹ́ 1 ṣòro fún ojú láti rí. Ohun tó bá kọjá 3 lè hàn sí ẹni tó fara balẹ̀ wò. Ní 30%, pupa jẹ́ 98, búlúù 101, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára tán.

Bọ́tìnì méjì ló wà fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́nù: Gain, tó ń fi iye kan sọ ohun gbogbo di púpọ̀, àti Offset, tó ń fi iye kan kún un. Wọ́n fi Gain gbé pupa sókè, wọ́n rẹ búlúù sílẹ̀, títí 80% fi di 100 ní ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n padà sí 30%: pupa ti di 105, búlúù ti di 94. Ohun tó dára tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́! Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ níbẹ̀, torí Gain ò mọ ibi mímọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ibi dúdú. Ìpín kan náà ló ń yí ní gbogbo ìpele. Wọ́n wá fi Offset tọ́ 30% sọ́nà. Nígbà tí wọ́n padà sókè, pupa ti wálẹ̀ sí 98, búlúù ti gòkè dé 102. Àṣìṣe náà ṣì wà, àmọ́ ó ti kéré sí ti àkọ́kọ́. Báyìí ni wọ́n á ṣe máa lọ sókè sódò, ìyípo mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ìyàtọ̀ á fi tán. Bí wọ́n bá gbé pupa sókè jù, àpótí 100% ni yóò tú àṣírí: pupa á ti dé òpin rẹ̀, kò ní lè gòkè mọ́, funfun tó mọ́lẹ̀ jù lọ á wá padà sí búlúù. Rírẹ búlúù sílẹ̀ ló dára ju gbígbé pupa lọ, bó tilẹ̀ máa ná wọn ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀.

Àwọn tẹlifíṣọ̀n mìíràn tún ní àtúnṣe ogún ìpele. Ó wúlò fún ìpele kan tó bá ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi lé nọ́ńbà títí gbogbo ìlà fi tẹ́jú lè da àwòrán rú. Ó yẹ kí wọ́n fi àwòrán eérú tó ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ láti dúdú sí funfun dán an wò lẹ́yìn iṣẹ́. Bí ó bá pín sí ìlà ìlà bí aṣọ òfì, àtúnṣe ti pọ̀ jù.

Ẹ̀yìn eérú ni àkóso àwọ̀ tó kàn. Àwọ̀ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, tí wọ́n lè yí oríṣi, kíkún àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Pupa tó kún dé 100% ni ọ̀pọ̀ ń tún ṣe, bẹ́ẹ̀ awọ ara èèyàn kì í dé ibẹ̀ rárá. Àárín ló wà. Títún 100% ṣe sì lè ba 50% jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kí ó wọn 25, 50 àti 75 pẹ̀lú, kí ó sì fara mọ́ kí 100% yà díẹ̀ bí àárín bá dára. Bí iná pupa ojú ìwòran kò bá lágbára tó láti dé pupa tí fíìmù béèrè, bọ́tìnì kankan ò lè bu ìyókù sí i.

Lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà méjì. Lẹ́yìn tí eérú bá ti tọ́, sọ́fíwíà á kọ fáìlì ICC tó ń sọ irú àwọ̀ tí mọ́nítọ̀ náà ní. Fáìlì yẹn kò yí mọ́nítọ̀ padà. Ṣe ló ń ròyìn rẹ̀ fún ètò tó bá fẹ́ gbọ́. Ètò tí kò bá kà á á kàn da nọ́ńbà sójú ìwòran bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò kan náà fi lè pupa gan-an nínú ètò kan kó sì tutù nínú òmíràn, lórí mọ́nítọ̀ kan náà.

Kí ló wá ń yí padà lójú ẹni tó ń wòran? Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, funfun á dà bí ìwé tó ti pọ́n, ọ̀pọ̀ á sì rò pé wọ́n ba tẹlifíṣọ̀n àwọn jẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ojú á ti mọ́ ọn lára, ètò àtijọ́ ló máa wá dà bíi búlúù. Awọ ara á yàtọ̀ láti ojú ẹnì kan sí ti ẹlòmíràn, àwọn nǹkan inú òkùnkùn á sì hàn níwọ̀n tó yẹ. Ṣùgbọ́n dúdú kò ní dúdú sí i, ìmọ́lẹ̀ kò ní pọ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kó tilẹ̀ dín kù, àwòrán tí kò mọ́ láti orísun rẹ̀ kò sì ní mọ́.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyípadà yẹn ni kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kíkúrò nínú ètò ṣọ́ọ̀bù bọ́ sínú ètò fíìmù, tàbí Filmmaker Mode tí UHD Alliance gbé jáde ní 2019, ló ń dá funfun padà sí tòsí D65. Èyí tó ṣẹ́ kù, láti ΔE 4 sí 1, ni kọlọrímítà ń ṣe. Nítorí náà, bí ẹni tó ṣe kalibíréṣọ̀n bá mú àwòrán ìlà méjì wá, ti ṣáájú àti ti ẹ̀yìn, kí onítẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́ wo orúkọ ètò tí wọ́n kọ sára èyí tó ṣáájú. Bó bá jẹ́ Vivid, ìyẹn irú ètò ṣọ́ọ̀bù, ni wọ́n kọ síbẹ̀, iṣẹ́ rìmóòtù ni wọ́n kà mọ́ iṣẹ́ kọlọrímítà.