Ibi tí Tab àti bọ́tìnnì ọlọ́fà ti wá

Ara tàípúráítà ni Tab ti wá. Akọ̀wé tó bá ń tẹ àkọsílẹ̀ owó á kọ́kọ́ ti irin kékeré sí gbogbo ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá wá tẹ Tab, apá ẹ̀rọ tó gbé bébà á sáré lọ, àfi ìgbà tí irin yẹn bá dá a dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa tẹ àlàfo lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi débẹ̀.

Ọdún 1971 ni iṣẹ́ rẹ̀ yí padà. Ọdún yẹn ni IBM gbé 3270 jáde, ìyẹn ojú-ìran pẹ̀lú kíbọọ̀dù tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá. Fọ́ọ̀mù ló máa ń wà lójú rẹ̀: wọ́n ti àwọn ibì kan pa kí ẹnikẹ́ni má bàa tẹ nǹkan lé e, wọ́n sì ṣí àwọn ibòmíràn sílẹ̀ fún ìkọ̀wé. Tab á fo gbogbo ohun tí wọ́n tì, á sì gbé ọ sí àyè tó ṣí tó kàn. Tab tí à ń lò lónìí gan-an nìyẹn, kò sì sí máòsì níbẹ̀ rárá.

Àwọn ọlọ́fà ní tiwọn kò tètè rí ilé gbé. Lára kíbọọ̀dù IBM PC ti 1981, tó ní bọ́tìnnì 83, orí nọ́ńbà ni wọ́n fi wọ́n sí: 8 ni òkè, 2 ni ìsàlẹ̀, 4 ni òsì, 6 ni ọ̀tún. Bí NumLock bá wà ní títàn, ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ìlà kan á kàn rí i pé òun tẹ 2 ni. Ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ sáwọn tó ń lo ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà. Kíbọọ̀dù oníbọ́tìnnì 101 ló wá ya ọlọ́fà sọ́tọ̀ fún IBM PC.

Ní 1987, IBM kọ ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní CUA, Windows sì gba púpọ̀ nínú rẹ̀ lò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pín iṣẹ́ fún àwọn méjèèjì: Tab ń gbé ọ láti ọ̀wọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ọlọ́fà ń rìn nínú ọ̀wọ́ kan náà. Ẹ wo fèrèsé ìtẹ̀wé, níbi tí wọ́n ti ní kó o yan gbogbo ojú-ìwé, tàbí èyí tó wà níwájú rẹ, tàbí díẹ̀ nínú wọn. Tab á gbé ọ dórí èyí tí wọ́n ti yàn tẹ́lẹ̀. Bó o bá tún tẹ Tab kó o lè dé èkejì, o ti jáde kúrò nínú ọ̀wọ́ náà nìyẹn, iye ẹ̀dà ni wàá bá ara rẹ. Shift+Tab ni kó o fi padà, kó o wá fi ọlọ́fà ìsàlẹ̀ yan èyí tó o fẹ́.

Ìlànà yìí ran àwọn afọ́jú lọ́wọ́ nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà di àwòrán. Nígbà DOS, lẹ́tà gidi ló wà nínú mẹ́mọ́rì ojú-ìran, ètò tó ń kà á sókè kàn ń wò ó níbẹ̀ ni. Irú rẹ̀ ni Jim Thatcher ṣe ní IBM láàárín àwọn ọdún 1980, pẹ̀lú Jesse Wright, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ríran. Bọ́tìnnì 18 tó dá dúró lọ́tọ̀ ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún un, kó má bàa dí kíbọọ̀dù lọ́wọ́. JAWS ti Ted Henter, tó jáde ní 1989, àti NVDA tí Michael Curran bẹ̀rẹ̀ ní 2006, kò béèrè fún irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀; Insert ni wọ́n sọ di bọ́tìnnì àṣẹ. Insert pẹ̀lú ọlọ́fà ìsàlẹ̀ á kàwé lọ láìdúró, Ctrl á pa á lẹ́nu mọ́.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ìpín iṣẹ́ yẹn ti kọsẹ̀. Líǹkì, bọ́tìnnì àti àyè ìkọ̀wé nìkan ni Tab ń dé. Ìròyìn tó wà láàárín wọn, kò ní dúró níbẹ̀. Ètò náà wá ń ṣe ẹ̀dà ojú-ìwé fún ara rẹ̀, kí ọlọ́fà lè máa rìn nínú rẹ̀ ní ìlà dé ìlà. Lẹ́tà lásán náà sì di àṣẹ: nínú NVDA, H ń lọ sí àkọlé tó kàn, K sí líǹkì, E sí àyè ìkọ̀wé. (Ẹni tó ti ṣe ìdánwò JAMB lórí kọ̀ǹpútà mọ irú rẹ̀: N fún ìbéèrè tó kàn, P fún ti ẹ̀yìn.)

Ṣùgbọ́n bó o bá fẹ́ kọ “Hannah” ńkọ́? Ipò méjì ló wà nìyẹn, ọ̀kan fún kíkà, ọ̀kan fún kíkọ, ohùn kékeré kan sì máa ń dún bí wọ́n bá yí padà. Bó o bá ń kọ orúkọ tí kọ̀ǹpútà sì ń fò kiri láti àkọlé sí àkọlé, ipò kíkà lo ṣì wà. Tẹ Enter lórí àyè náà, tàbí Insert+Space. Bí H bá kọ̀ tí kò gbé ọ lọ síbì kankan, ipò kíkọ ni. Esc á yọ ọ́; bó bá jẹ́ Insert+Space lo fi wọ̀ ọ́, òun náà ni kó o tún tẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tí ẹni tó ń lo kíbọọ̀dù kò lè tún ṣe fúnra rẹ̀. O kọ fọ́ọ̀mù tán, o tẹ Tab, ó sì fo bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́ bọ́ sórí líǹkì ìsàlẹ̀ ojú-ìwé. Ẹni tó kọ ojú-ìwé náà ló fa èyí:

```html
<div onclick="fi()">Fi ránṣẹ́</div>
<button onclick="fi()">Fi ránṣẹ́</button>
```

Máòsì ń ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì, èkejì nìkan ni Tab ń dé, tí Enter àti Space sì ń tẹ̀. Àwọn kan á fi `tabindex="0"` kún ti àkọ́kọ́, Tab á sì débẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Enter kò ní ṣe nǹkan kan níbẹ̀, ètò náà kò sì ní sọ pé bọ́tìnnì ni.