Ibi tí "mélòó lo fún un?" ti wá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbá bọ́ọ̀lù sẹ́mí-pró rí, pàápàá nínú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké Lọ́ńdọ̀n tí ọmọ Yorùbá kún inú wọn fọ́fọ́, ẹ mọ bó ṣe ń lọ. Tréníìnì ní alẹ́ Túsìdé àti Tọ́sìdé, máàṣì ní Sátidé, gbogbo ọjọ́ tó kù, ti ọ̀gá ibi iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn tréníìnì, bí ìdajì wákàtí, kóòṣì á fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì sórí wọ́sáàpù: "Mélòó lo fún un?" Wàá fi nọ́ńbà kan láti 0 dé 10 sọ bí tréníìnì náà ṣe le tó lára ẹ, ó parí. Èmi máa ń rò pé ojú ayé lásán ni, mò ń kọ 5 lójoojúmọ́, àfìgbà tí èmi náà di igbákejì kóòṣì tí wọ́n ní kí n máa ko nọ́ńbà yẹn jọ ni mo tó lọ wádìí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ará Sùwídìn kan ni, Gunnar Borg, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá. Ní àwọn ọdún 1960, ó máa ń gbé èèyàn gun kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan, á máa mú kó le sí i díẹ̀díẹ̀, á sì máa bi onítọ̀hún pé báwo ló ṣe le tó lára ẹ. Nọ́ńbà tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 6, ó parí sí 20. Ẹ máa ní irú ìṣirò wo nìyẹn? Ọkàn ló ń wò. Ọkàn ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ lè máa lù bí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, ti ọ̀dọ́ tó ń sá gbogbo eré ẹ̀ lè tó 200, Borg wá yọ òdo kan kúrò lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Tó o bá pe 13, á jẹ́ pé ó ń retí kí ọkàn ẹ máa lù bí 130. Nígbà tó di 1982 ló gbé òmíràn jáde, tó lọ láti 0 dé 10, èyí tó rọrùn fún ẹni tí kò ní àsìkò ìṣirò, ohun náà sì ni gbogbo wa ń lò báyìí.

Ṣùgbọ́n Borg ò ṣe é fún ẹni tó fẹ́ to sáà bọ́ọ̀lù. Carl Foster, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Wisikọ́nsìn l'Amẹ́ríkà, lòun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé e wọ inú tréníìnì láàárín àwọn ọdún 1990. Ohun tó ṣe kéré, àmọ́ ó jinlẹ̀. Ó ní ká má béèrè bí eré kọ̀ọ̀kan ṣe le tó, ká béèrè bí gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ṣe le tó, ká sì dúró fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ká tó béèrè, torí tó o bá bi èèyàn kété tó sáré ìkẹyìn tán, sáré ìkẹyìn yẹn ló máa dáhùn fún ẹ. Nọ́ńbà tó bá pè, wàá fi ìṣẹ́jú tó lò sọ ọ́ di púpọ̀. Tréníìnì ìṣẹ́jú 90 tó pè ní 6, 540 nìyẹn. Tọ́sìdé, ìṣẹ́jú 75 lórí 4, 300. Sátidé, máàṣì ìṣẹ́jú 90 lórí 9, 810. Àròpọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn jẹ́ 1,650. Kò sí aago ọkàn, kò sí jípíẹ́sì, bírò àti ìwé ti tó.

Ẹṣin wà nínú ìtàn yìí o. Ní 1994 àwọn olùwádìí kan ní Nẹ́dálándì tẹ ìwádìí jáde lórí ẹṣin tí wọ́n ń mú sáré, lónìí líle, lọ́la fẹ́rẹ́. Wọ́n mú kí ọjọ́ líle túbọ̀ le, ẹṣin fara dà á. Ìgbà tí wọ́n wá mú kí ọjọ́ fẹ́rẹ́ náà le ni àwọn ẹṣin yẹn dojú bolẹ̀, wọn ò lè sáré mọ́. Foster mú èyí lò nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1998, ó ní kì í ṣe àròpọ̀ ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń pa eléré, pé kí gbogbo ọjọ́ jọra wọn náà ń pa á. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa sẹ́mí-pró gan-an, torí ọjọ́ tí kóòṣì kọ "ìsinmi" sí, ẹlòmíì ń ru búlọ́ọ̀kù lọ́jọ́ náà. Mo ní agbábọ́ọ̀lù méjì tó ṣe tréníìnì kan náà ní Túsìdé, tíṣà ni ọ̀kan, ó pè é ní 4, èkejì ti wà níbi ìkọ́lé láti aago méje àárọ̀, ó pè é ní 7. Kò sí ẹ̀rọ tó máa sọ ìyẹn fún ẹ, ẹnu ẹ̀ ló máa sọ ọ́.

Àwọn kan lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó dáadáa fún irú wa gan-an, Ọsirélíà ni wọ́n wà, nínú rọ́gíbì líìgì. Tim Gabbett gba nọ́ńbà lọ́wọ́ agbárọ́gíbì sẹ́mí-pró 79, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2004 pé bí iṣẹ́ ṣe ń le sí i ni ìpalára ń pọ̀ sí i. Lọ́dún yẹn náà ló sọ nípa ìwádìí ọdún mẹ́ta, 2001 sí 2003, níbi tí wọ́n ti dín iṣẹ́ ìpalẹ̀mọ́ sáà kù fún àwọn eléré tí kò sí ní ìpele gíga jùlọ: ìpalára dín kù, èémí wọn sì tún gùn ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Kóòṣì mi àtijọ́ tó máa ń fi wá sáré òkè títí a ó fi máa bì kò ní gbà èyí láéláé.

Ibi tó ti máa ń dàrú mọ́ wa lọ́wọ́ ni àsìkò tí máàṣì bá kó jọ. Òjò á sọ pápá di ẹrẹ̀ láti Dìsẹ́ńbà, wọ́n á sún máàṣì síwájú, tó bá di oṣù Máàṣì àti Épúrẹ́lì, Sátidé-Túsìdé-Sátidé ló kù. Ẹ wo nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀: máàṣì Túsìdé 810, Tọ́sìdé ìṣẹ́jú 60 lórí 3, 180, Sátidé 810, gbogbo ẹ̀ 1,800. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju 1,650 lọ, ojú lásán ò rí ewu kankan níbẹ̀. Àmọ́ àlàfo tó wà láàárín máàṣì méjì ló ṣe pàtàkì. Gregory Dupont àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wo ikọ̀ ńlá kan ní Yúróòpù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2010: ẹni tó gbá méjì lọ́sẹ̀ fara pa ní ìwọ̀n 25.6 nínú wákàtí 1,000, ẹni tó gbá ẹyọ kan, 4.1. Bí wọ́n sì ṣe ń sáré nínú máàṣì ò yàtọ̀, ìyẹn ni pé o ò lè fi ojú mọ̀ ọ́n látẹ̀gbẹ́ pápá.

Ẹni tí gbogbo wa máa ń gbàgbé ni ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀sẹ̀ kan náà yẹn, òun ò wọlé ní Túsìdé, ó ṣe Tọ́sìdé 180, wọ́n jù ú sí ogún ìṣẹ́jú ní Sátidé, ó pè é ní 6, 120. Tirẹ̀ jẹ́ 300. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 1,650 kan, tó o wá padà fún un ní 1,650, ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn jẹ́ 975, ọ̀sẹ̀ tuntun náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 1.7 rẹ̀. Gabbett kọ ní 2016 pé tó bá ti kọjá 1.5, ewu wà ńbẹ̀. Àwọn onímọ̀ míì, Franco Impellizzeri lára wọn, ti bá ìṣirò yẹn jà gidi, wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé ó ń dènà ìpalára, mo sì gbà pẹ̀lú wọn pé kéèyàn má fi 1.5 ṣe òfin. Àmọ́ 300 sí 1,650, ṣé ó nílò òfin ni? Bọ̀ọ́sì ni wíńgà wa kan ń wà, iṣan ẹ̀yìn itan ẹ̀ já ní ìṣẹ́jú 70 lọ́jọ́ tá a gbé e padà síbẹ̀rẹ̀, èmi ni mo kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Látìgbà náà, tí máàṣì bá ti tán, àwọn bẹ́ǹṣì á ṣì wà lórí pápá, ogún ìṣẹ́jú, sáré látorí ìlà kan dé èkejì, dúró, sáré, nígbà tí àwọn yòókù ti wà nínú ilé ń jẹun. Ìyá tó ń tọ́jú pápá ti fẹjọ́ wa sùn lẹ́ẹ̀mejì pé a ò jẹ́ kóun paná.