Pálọ̀ tó gùn gbọọrọ: ẹ̀yìn sófà ni ẹ fi ṣe ògiri

Ẹ wọ pálọ̀ tó gùn bíi kọ́rídọ̀, ohun tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ ò ní ju ẹyọ kan lọ: àga lọ́tùn-ún, àga lósì, gbogbo wọn fẹ̀yìn ti ògiri bíi ti àwọn tó ń dúró de dókítà, tábìlì ìjẹun wá wà ní kọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, aṣọ tí wọn ò tíì lọ̀ ló kún orí ẹ̀. Ẹni tó tò ó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpè o, ó rò pé tóun bá ti àga mọ́ ògiri àyè máa pọ̀ ni. Àyè pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ àárín nìkan ló pọ̀ sí, àárín yẹn náà làwọn èèyàn ń rìn gbà, bẹ́ẹ̀ ni pálọ̀ ṣe máa ń di títì.

Ẹ jẹ́ kí n fi yàrá kan tí mo bá obìnrin kan tò ṣàlàyé. Ó gùn ní mítà 7.2, ó fẹ̀ ní mítà 3.6, ìyẹn ni pé gígùn ẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì fífẹ̀ ẹ̀. Ilẹ̀kùn àbáwọlé wà lápá òsì lórí ògiri kúkúrú tó wà níwájú, ilẹ̀kùn kíṣìnì náà wà lápá òsì lórí ògiri kúkúrú ẹ̀yìn, fèrèsé sì wà lọ́tùn-ún. Sófà ńlá méjì ló kọjú síra wọn níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba sẹ̀ǹtímítà 90 láti ara ògiri bọ̀ síwájú, ó ṣẹ́ ku mítà 1.8 láàárín wọn, tábìlì kékeré tó wà láàárín tún jẹ 60 nínú ẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, 60 péré ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, orúnkún ẹni tó jókòó sì wà nínú 60 yẹn náà. Ẹni tó bá ń lọ sí kíṣìnì, àfi kó máa sọ pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ ká ẹsẹ̀ yín kò.

Èmi kì í kọ́kọ́ wo àga rárá, ọ̀nà ni mò ń wá. Ibo làwọn èèyàn ti ń wọlé, ibo ni wọ́n ń lọ? Nínú yàrá yìí ìdáhùn rọrùn torí pé ilẹ̀kùn méjèèjì wà lápá òsì, ọ̀nà á kàn gba ẹ̀gbẹ́ ògiri òsì lọ tààrà. Fífẹ̀ ọ̀nà yẹn, 90 ló dáa, tí kò bá wá sọ́gbọ́n ẹ̀ mọ́ ẹ fi sí 75. Tí ilẹ̀kùn kan nínú tiyín bá wà lápá òsì, tí ìkejì wà lápá ọ̀tún, ọ̀nà á gbọ́dọ̀ yà níbì kan, ẹ jẹ́ kó yà ní ojú ààlà ibi ìjókòó àti ibi ìjẹun, kó má gba àárín èyíkéyìí nínú wọn kọjá.

Ibi ìjẹun máa ń wà nítòsí kíṣìnì, mi ò rò pé ìyẹn nílò àlàyé. Èyí tó máa ń fa àríyànjiyàn ni sófà. Mo ní kí obìnrin yìí gbé sófà kan kúrò, ká wá yí ìkejì dábùú yàrá, kó kọ ẹ̀yìn sí ibi ìjẹun, kó kọjú sí ògiri iwájú níbi tí tẹlifíṣọ̀n wà. Ó ní áà, ẹ̀yìn sófà làlejò tó ń jẹun á wá máa wò? Bẹ́ẹ̀ ni, òun gan-an la ń wá. Sófà yẹn gùn ní mítà 2.1. A fi 40 sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri ọ̀tún fún sítúùlù kékeré kan, ó wá ku mítà 1.1 lápá òsì fún ẹni tó ń kọjá. Kò sí ẹni tó mọ ògiri kankan, àmọ́ ẹ bá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ojú yín á rí yàrá méjì.

Ohun méjì ni kẹ́ ẹ wò lára sófà kẹ́ ẹ tó yí i. Àkọ́kọ́, gíga ẹ̀yìn ẹ̀: láti ilẹ̀ dé òkè, bó bá wà láàárín 75 sí 85, ó dáa, tó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́, ibi ìjẹun á wá dà bíi ihò. Ìkejì, àwọn sófà kan wà tí wọ́n ṣe fún ara ògiri nìkan, ẹ bá yí wọn padà, aṣọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi pín-ìn-nì kan ẹ̀yìn wọn lẹ máa bá (ti obìnrin yìí nìyẹn gan-an). A wá tábìlì tóóró kan tí kò fẹ̀ ju 30 lọ tì í lẹ́yìn, a sì fa sófà síwájú díẹ̀ kí ibi ìjẹun má bàa pàdánù àyè. Níwájú, tábìlì kékeré wà ní bíi 40 sí 45 sí sófà, kọ́wọ́ lè tó kọ́ọ̀pù kẹ́sẹ̀ náà sì ráyè. Àga ẹlẹ́nì kan méjì bọ́ sábẹ́ fèrèsé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni tábìlì ìjẹun, torí ọwọ́ wọn máa ń fẹ́ gbé e sí àárín gbùngbùn. Tábìlì wa fẹ̀ ní 90, ó gùn ní mítà 1.8, àga mẹ́ta mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì torí ẹnì kan nílò bíi 60 láti jẹun láìfi ìgbọ̀nwọ́ gbá ẹnìkejì, a ò fi àga kankan sórí ẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Kéèyàn tó lè fa àga jáde kó dìde, á nílò bíi 75. Tá a bá gbé tábìlì sáàárín, mítà 1.35 ló máa kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ yọ 75 ti àga kúrò, 60 ló kù fún ọ̀nà, a tún ti padà síbi ẹ jọ̀ọ́ ẹ ká ẹsẹ̀ yín kò. Ṣùgbọ́n tá a bá sún un sápá ọ̀tún títí ó fi ku 75 sí ògiri, lápá òsì a máa ní mítà 1.95, ẹ yọ 75 ti àga, ọ̀nà á ṣì ku mítà 1.2, ẹ lè gbé tíréè ńlá kọjá lẹ́yìn ẹni tó ń jẹun.

Kápẹ́ẹ̀tì, ibi ìjókòó nìkan ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí, kó fẹ̀ débi tí ẹsẹ̀ iwájú sófà àti ti àga á fi wà lórí ẹ̀. Èmi kì í fẹ́ ẹ lábẹ́ tábìlì ìjẹun, àfi tó bá yọ síta ní 60 yípo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àga á máa jábọ́ létí ẹ̀ nígbàkigbà tẹ́nì kan bá dìde, á sì há nígbà tó bá ń padà.

Kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan kan, ẹ fi téèpù alẹ̀mọ́lẹ̀ ya gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, sófà, tábìlì, àga tí wọ́n fà jáde, kẹ́ ẹ wá rìn láti ilẹ̀kùn dé kíṣìnì pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá ní láti yí èjìká kẹ́ ẹ tó kọjá, nǹkan kan ti tóbi jù. Yàrá tí ò tó mítà 3 ní fífẹ̀, ẹ má yí sófà dábùú o, ọ̀nà ò ní kù, ẹ jẹ́ kó wà lára ògiri gígùn, kẹ́ ẹ wá fi ṣẹ́ẹ̀fù kékeré tí kò ga, tó yọ látara ògiri bíi mítà kan, ṣe ààlà.

Iná ló kù. Ojú iná tí wọ́n ṣe sí àárín àjà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá to yàrá báyìí, orí ẹ̀yìn sófà gan-an ló máa bọ́ sí, kò tàn fún ẹni tó jókòó, kò tàn fún ẹni tó ń jẹun. Ẹ ní kí oníná fi wáyà tó gùn sí i, kó fi ìkọ́ kọ́ ọ sájà lókè ibi tí tábìlì wà ní báyìí, kí iná náà wálẹ̀ títí tó fi ku bíi 75 sí ojú tábìlì, kẹ́ ẹ wá fi iná onídùúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga abẹ́ fèrèsé.