Àdírẹ́sì inú 8086: ìbéèrè ìdánwò kan àti bí a ṣe ń yanjú rẹ̀

Bí ìbéèrè yìí ṣe máa ń wá nínú ìdánwò maikiroprósẹ́sọ̀ nìyí. Wọ́n á kọ ohun tó wà nínú àwọn rẹ́jísítà 8086 kan sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní òǹkà onímẹ́rìndínlógún, èyí tí h ìparí nọ́ńbà ń fi hàn:

```
DS = 2F4Ah    SS = 4100h    ES = FFFFh
BX = 0C3Eh    BP = 0C3Eh
SI = 00A5h    DI = 0025h
```

(a) Àdírẹ́sì wo nínú ìrántí ni `MOV AL, [BX+SI+12h]` yóò ka? (b) Bí a bá fi BP rọ́pò BX ńkọ́? (d) Kọ àdírẹ́sì inú (a) lọ́nà mìíràn, kí sẹ́gímẹ́ńtì rẹ̀ jẹ́ 3000h. (e) Bí BX bá di FFF0h, tí SI sì di 0020h, ibo ni `MOV AL, [BX+SI]` yóò ti ka nǹkan? (ẹ) Ibo ni `MOV ES:[DI], AL` yóò kọ nǹkan sí?

Ìṣirò àròpọ̀ lásán ni gbogbo rẹ̀. Àròpọ̀ gan-an kì í sábà gba máàkì lọ́wọ́ ẹni. Ibi tí máàkì ti ń bọ́ ni kí ènìyàn mọ rẹ́jísítà tí prósẹ́sọ̀ máa mú, àti kí ó mọ ibi tí nọ́ńbà ti ń kún tó sì ń padà sí òdo.

Intel gbé 8086 jáde ní ọdún 1978. Bíìtì mẹ́rìndínlógún ni rẹ́jísítà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà, nítorí náà nọ́ńbà tó tóbi jù tó lè wọ inú ọ̀kan ni FFFFh, ìyẹn 65,535. Rẹ́jísítà kan ṣoṣo kò lè tọ́ka sí ju báìtì 65,536 lọ. Ṣùgbọ́n ogún wáyà àdírẹ́sì ló jáde lára ṣípù náà lọ sí ìrántí, ogún wáyà sì tó láti pe báìtì 1,048,576, láti 00000h títí dé FFFFFh. Bíìtì mẹ́rin ló kù díẹ̀ káàtó. Ohun tí àwọn tó ṣe ṣípù náà ṣe ni pé wọ́n jẹ́ kí nọ́ńbà méjì jọ sọ ibì kan: sẹ́gímẹ́ńtì ń sọ ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀, ọ́fúsẹ́ẹ̀tì ń sọ iye báìtì tí a ó kà síwájú láti ibẹ̀.

```
àdírẹ́sì = sẹ́gímẹ́ńtì × 10h + ọ́fúsẹ́ẹ̀tì
```

10h tó wà níbẹ̀ yẹn kì í ṣe mẹ́wàá, mẹ́rìndínlógún ni. Nínú òǹkà yìí, ẹni tó bá fẹ́ sọ nọ́ńbà di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún kò ní iṣẹ́ kankan ju kí ó fi òdo kan sí ìparí rẹ̀ lọ, bí àwa náà ṣe ń fi òdo kún 47 kí ó tó di 470. Báyìí ni nọ́ńbà onílẹ́tà mẹ́rin ṣe di onílẹ́tà márùn-ún, tí bíìtì mẹ́rin tó ń dá wa láàmú sì pé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ gbogbo nọ́ńbà di òǹkà ojoojúmọ́ kó tó rò wọ́n pọ̀ kò ṣe ohun tó lòdì, àkókò ìdánwò rẹ̀ ló ń jẹ.

Ó yá, (a). Ọ́fúsẹ́ẹ̀tì la máa kọ́kọ́ wá, òun náà ló sì wà láàárín àmì akọ́mọ onígun yẹn. BX àti SI para pọ̀ jẹ́ 0C3Eh + 00A5h = 0CE3h. Ẹ fi 12h kún un, ó di 0CF5h. Lẹ́yìn náà ni sẹ́gímẹ́ńtì. Àṣẹ yìí kò dárúkọ sẹ́gímẹ́ńtì kankan, ṣùgbọ́n ibikíbi tí BX bá ti jẹ́ ìpìlẹ̀, DS ni prósẹ́sọ̀ ń mú fúnra rẹ̀. DS jẹ́ 2F4Ah, a fi òdo kún un, ó di 2F4A0h. Àròpọ̀ wọn nìyí:

```
  2F4A0
+ 00CF5
-------
  30195
```

Láti apá ọ̀tún: 0 àti 5 jẹ́ 5. A jẹ́ mẹ́wàá, F jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àpapọ̀ wọn jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ yọ mẹ́rìndínlógún kúrò, ó ku 9, ẹ mú 1 lọ síwájú. 4 àti C àti 1 tó ń bọ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlógún, ẹ kọ 1, ẹ tún mú 1 lọ. F àti 1 jẹ́ mẹ́rìndínlógún gẹ́lẹ́, ẹ kọ 0, ẹ mú 1. 2 di 3. Ìdáhùn ni 30195h, tó jẹ́ 197,013 ní òǹkà ojoojúmọ́: 193,696 fún sẹ́gímẹ́ńtì, 3,317 fún ọ́fúsẹ́ẹ̀tì.

Kí a tó fi (a) sílẹ̀, ó dára kí a kọ ibi tí sẹ́gímẹ́ńtì yìí ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2F4A0h. Ọ́fúsẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù ni FFFFh, nítorí náà ó parí sí 3F49Fh. Ìdáhùn yòówù tí a bá rí pẹ̀lú DS yìí gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín méjèèjì. A máa nílò rẹ̀ láìpẹ́.

(b) dà bí ẹni pé kò sí ohun tó yàtọ̀, nítorí pé nọ́ńbà kan náà ló wà nínú BP àti BX. Ọ́fúsẹ́ẹ̀tì ṣì jẹ́ 0CF5h lóòótọ́. Ṣùgbọ́n BP kì í bá DS rìn. Wọ́n ṣe é fún sítáàkì, nítorí náà SS ni prósẹ́sọ̀ máa mú níbi tí BP bá ti jẹ́ ìpìlẹ̀. 41000h + 0CF5h = 41CF5h. Olùkọ́ tó fi nọ́ńbà kan náà sínú rẹ́jísítà méjèèjì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ẹni tó bá sì dáhùn 30195h lẹ́ẹ̀kejì ti kó sí páńpẹ́ rẹ̀. Nínú ètò gidi, irú àṣìṣe yìí kì í mú kọ̀ǹpútà kígbe. Yóò kàn ka báìtì mìíràn tó wà níbòmíràn, ètò á sì máa lọ pẹ̀lú nọ́ńbà tí kò tọ́.

Ní (d), a fẹ́ dé 30195h láti 30000h. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì: ó ku 0195h. Ìdáhùn ni 3000:0195. Ibí yìí gan-an ló ń da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lójú rú, nítorí pé wọ́n rò pé ibì kan ní orúkọ kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sẹ́gímẹ́ńtì tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní báìtì mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gùn tó 65,536, nítorí náà wọ́n gun orí ara wọn bí páànù òrùlé, àfi pé gígùn orí ara wọn tiwọn pọ̀ kọjá ti páànù. 65,536 pín sí ọ̀nà mẹ́rìndínlógún jẹ́ 4,096: iye orúkọ tí 30195h ní nìyẹn. Sẹ́gímẹ́ńtì tó kéré jù tó lè dé ibẹ̀ ni 201Ah, pẹ̀lú ọ́fúsẹ́ẹ̀tì FFF5h. Èyí tó tóbi jù ni 3019h, pẹ̀lú 0005h. Gbogbo èyí tó wà láàárín wọn ń dé ibẹ̀, ọ́fúsẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sì parí sí 5, nítorí pé òdo ni àdírẹ́sì ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́gímẹ́ńtì ń parí sí nígbà gbogbo.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i lè ṣí DEBUG lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo DOS. Àṣẹ àkọ́kọ́ kọ 5A sí ibì kan pẹ̀lú orúkọ kan; ìkejì àti ìkẹta ń kà á pẹ̀lú orúkọ mìíràn:

```
e 3000:0195 5A
d 2F4A:0CF5 L1
d 3019:0005 L1
```

5A kan náà ni yóò jáde lẹ́ẹ̀mejèèjì.

(e) ni ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ń gbà kọjá láìfura. FFF0h + 0020h jẹ́ 10010h, nọ́ńbà onílẹ́tà márùn-ún. Ẹni tí kò dúró rò ó máa rò ó pọ̀ mọ́ 2F4A0h, á sì kọ 3F4B0h. Àmọ́ inú bíìtì mẹ́rìndínlógún ni 8086 ti ń ṣírò ọ́fúsẹ́ẹ̀tì. 1 tó wà níwájú kò ráyè dúró, ó bọ́ sọnù, ohun tó ṣẹ́kù ni 0010h. Lẹ́yìn èyí ni sẹ́gímẹ́ńtì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: 2F4A0h + 0010h = 2F4B0h. Ààlà tí a kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wúlò níbí. 3F4B0h kọjá 3F49Fh tí sẹ́gímẹ́ńtì parí sí, nítorí náà kò lè jẹ́ òótọ́ rárá.

(ẹ) náà ní ìyípadà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú kan náà. Ọ́fúsẹ́ẹ̀tì 0025h kéré, kò sí wàhálà kankan lára rẹ̀. ES ló wà ní òpin ìrántí: FFFF0h + 0025h = 100015h, èyí sì nílò wáyà kọkànlélógún. 8086 kò ní in. 1 iwájú tún bọ́ sọnù, ìdáhùn sì ni 00015h, ní ìsàlẹ̀ ìrántí pátápátá. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń kọ nǹkan sí láìmọ̀. Láti 00000h sí 003FFh ni tábìlì ìdádúró wà, èyí tó ń sọ ibi tí prósẹ́sọ̀ máa fò lọ nígbà tí ìdádúró kọ̀ọ̀kan bá dé: àyè 256, báìtì mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. 15h bọ́ sáàárín 14h àti 17h, tó jẹ́ àyè nọ́ńbà 5. Lórí IBM PC, nọ́ńbà yìí ni bọ́tìnì títẹ ojú skíríìnì sórí ìwé ń lò. Ẹni tó bá ṣe `MOV ES:[DI], AL` yìí lè máà rí nǹkan kan títí ẹnìkan á fi tẹ bọ́tìnì náà, tí prósẹ́sọ̀ á sì fò lọ sí ibi tí kò sí ètò kankan.

Bí ìbéèrè náà bá kọ 80286 dípò 8086, ohun mìíràn ni. Ṣípù yẹn, tó jáde ní ọdún 1982, ní wáyà mẹ́rìnlélógún. Láti ìgbà rẹ̀ ni wọ́n ti nílò orúkọ ríàlì móòdù fún ọ̀nà ìṣirò àtijọ́ yìí, nítorí pé òun ló mú ọ̀nà kejì tó ní ààbò wá. Nínú ríàlì móòdù rẹ̀, 100015h lè jáde gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, kò ní padà sí ìsàlẹ̀. Àwọn ètò DOS kan sì wà tó gbára lé ìpadà yẹn. Nígbà tí IBM ń ṣe PC/AT ní ọdún 1984, wọ́n fi ìlẹ̀kùn kan sí orí wáyà tó gbé bíìtì náà, A20, ṣípù tó ń bójú tó kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n sì fún ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí ìlẹ̀kùn náà bá tì, àdírẹ́sì á padà sí 00015h bíi ti 8086. Bí ó bá ṣí, á dé 100015h. Nítorí náà ìdáhùn (ẹ) fún 80286 kò pé láìjẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ ipò tí A20 wà mọ́ ọn.