Kílò kan náà, kálórì ọ̀tọ̀: ìṣirò fún eléré tí kò lọ́ràá

Ọkùnrin méjì gun òṣùwọ̀n. Ẹni ọdún 25 ni àwọn méjèèjì, wọ́n ga tó sẹ̀ǹtímítà 180, kílò 80 sì ni kálukú wọn. Èkíní jẹ́ eléré ìdárayá, ọ̀rá ara rẹ̀ ò ju kílò 8 lọ. Èkejì, ìdí tábìlì ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, ọ̀rá tirẹ̀ tó kílò 24. Fọ́múlà Mifflin-St Jeor, tó jáde ní 1990, máa ń sọ iye kálórì tí ara ń jó lójúmọ́ bí èèyàn bá tilẹ̀ sùn kalẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan. Èsì kan náà ló máa fún àwọn méjèèjì:

```
10 × 80 + 6.25 × 180 − 5 × 25 + 5 = 1805
```

Kò béèrè ohun tó wà nínú kílò 80 yẹn, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣi eléré wò. Kílò ọ̀rá kan kì í jó ju bíi kálórì 4.5 lọ lójúmọ́. Kílò iṣan kan ń jó bíi 13, ti ẹ̀dọ̀ tó 200, ti ọkàn àti kíndìnrín sì lé ní 400. Fọ́múlà Cunningham ti 1980 kọ́kọ́ ń yọ ọ̀rá kúrò, ohun tó kù ló ń ṣírò:

```
500 + 22 × 72 = 2084
500 + 22 × 56 = 1732
```

Àwọn ẹ̀yà inú ara wà nínú 22 yẹn, kì í ṣe iṣan nìkan. Ẹni tó bá fi kílò iṣan 5 kún ara rẹ̀, kó má retí kálórì 110. Bíi 65 ni iṣan náà fúnra rẹ̀ máa jó.

Ìṣòro Cunningham ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọn ọ̀rá. Òṣùwọ̀n tó ń rán iná díẹ̀ gba inú ara kọjá lè yí èsì padà torí omi tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n bó bá tilẹ̀ fi kílò 4 ṣìnà, kálórì 88 ni àṣìṣe náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín fọ́múlà méjèèjì lórí eléré wa jẹ́ 279.

Ibi tó ti léwu jù ni ìgbà tí eléré náà kò bá jẹun tó. Tí ebi bá ń pa ara fún ìgbà pípẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ kálórì ná. Ká ní wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wọn èémí yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ kó tó jẹun, tí èsì jẹ́ 1810. Tí wọ́n bá fi 1805 pín in, á fún wọn ní 1.00, wọ́n á ní ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Tí wọ́n bá fi 2084 pín in, 0.87 ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ oúnjẹ eléré ló sì gbà pé ohun tó bá wálẹ̀ ju 0.90 lọ yẹ kó mú kí wọ́n béèrè ohun tó ń jẹ, àti bóyá egungun rẹ̀ ti ń sán lẹ́nu àìpẹ́ yìí.